Ta Ló Máa Yẹ̀ Ẹ́ Wò Lónìí?

Ọjọ́rú kan nínú oṣù Keje ni. Àwa márùn-ún là ń kọ sọ́fítíwíà tí àwọn ilé-ìwé fi ń gba owó lọ́wọ́ òbí, kò sì sí ọ́fíìsì kankan tó pa wá pọ̀. Ìbàdàn ni èmi wà, ẹnì kan wà ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan ní Yábàá, àǹtí wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù, bùrọ̀dá kan ní Houston. Nínú oṣù Keje, aago Lọ́ńdọ̀nù bá tiwa dọ́gba, wákàtí mẹ́fà sì ni Houston fi wà lẹ́yìn wa. Kò sí ẹni tó lè da kóòdù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀ka `main` láìgbàṣẹ. Yóò ṣí púù ríkúẹ́sì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní PR, ẹlòmíràn yóò sì kà á kó tó fọwọ́ sí i. Èmi ni mo máa ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ àárọ̀ tó ń sọ àwọn PR tó ń wá olùyẹ̀wò lọ́jọ́ náà.

7:40 àárọ̀. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, mo bi GitHub léèrè:

```
gh pr list --search "review:required draft:false"
```

Mẹ́rin ló jáde. Mo yọ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, nítorí àmì pupa wà lára rẹ̀: ìdánwò tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti já. Ẹni tó bá ka irú rẹ̀ lónìí á tún un kà lọ́la lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ín ní ìkọ̀kọ̀, ó tán.

PR kan sì wà tí àṣẹ yẹn kò lè fi hàn mí, ìyẹn #322. Orí ẹ̀ka #321 ni bùrọ̀dá wa ní Houston kọ́ ọ lé, `main` nìkan sì ni òfin wa ń ṣọ́, nítorí náà GitHub kò kà á sí ohun tó nílò ìfọwọ́sí. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló jẹ́ kí #321 di kánjúkánjú. Tí #321 kò bá wọlé kí Houston tó jí, ọjọ́ iṣẹ́ odindi ti lọ mọ́ bùrọ̀dá lọ́wọ́. Ohun tí mo rò pé ó mú kí èèyàn ṣì máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí nìyẹn, dípò ká jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi orúkọ PR ránṣẹ́ lásán: ẹni tó bá mọ ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn ló lè tò wọ́n.

8:15. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ rèé. Mo fi ìlú dípò orúkọ àwọn èèyàn wa:

```
PR tó ń wá olùyẹ̀wò lónìí
#321 íńdẹ́ẹ̀sì lórí payments, ìlà 14.
  Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, kí aago 2 ọ̀sán tó lù. #322 ń dúró dè é.
#318 dídá owó padà, ìlà 60.
  Abẹ́òkúta, kí iṣẹ́ òní tó parí.
#316 ìlà 900. Kò sí olùyẹ̀wò lónìí.
  Yábàá, jẹ́ ká pín in.
```

Tẹ́lẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo àwọn PR yìí” la máa ń kọ. Gbogbo wa á rí i, oníkálukú á sì gbà pé ẹlòmíràn ti mú un. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ #321 kéré gan-an sí àǹtí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní í lè máa bi wọ́n pé ẹ ti wò ó àbí ẹ ò tíì wò ó. Nígbà tí orúkọ àti aago bá ti wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí gbogbo ilé ń kà, kò sí ìdí fún un láti máa tẹ̀lé àgbà kiri. Àǹtí fi àmì ojú sí abẹ́ rẹ̀ ní 8:22. Ìtumọ̀ ìyẹn láàárín wa ni pé, mo ti gbà á.

10:30. Abẹ́òkúta ka #318, èyí tí èmi kọ, ó sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní kí n tún gbólóhùn kan tí òbí máa rí ṣe. Mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ìfọwọ́sí náà pa rẹ́, torí a ti ṣètò rẹ̀ pé kóòdù tuntun ń fagi lé ìfọwọ́sí àtijọ́. Ètò tó dára ni. Àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ sí nǹkan ti gbà pé òun ti bọ́ níbẹ̀, kò ní í padà wá wò ó tí ẹnikẹ́ni kò bá pè é.

12:10 ọ̀sán. Àǹtí ṣí #321. Ìlà mẹ́rìnlá péré, ó sì gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni `CREATE INDEX` lórí tábìlì `payments`, kí wíwá nọ́ńbà ìsanwó lè yá. Gbogbo ìdánwò ló yege, nítorí ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ ló wà nínú tábìlì ìdánwò. Wọ́n wá béèrè pé: ìlà mélòó ló wà nínú tábìlì tí àwọn ilé-ìwé ń lò gan-an? Ó ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Nígbà tí PostgreSQL bá ń kọ́ íńdẹ́ẹ̀sì lọ́nà yẹn, ó máa ń ti tábìlì náà mọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kà á lè kà á, ṣùgbọ́n òbí tó bá ń sanwó lásìkò náà á máa wo ojú fóònù títí íńdẹ́ẹ̀sì á fi parí. Ẹlòmíràn á tún bọ́tìnnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí kọ èyí tó yẹ sábẹ́ ìlà náà:

```
CREATE INDEX CONCURRENTLY payments_ref_idx
ON payments (reference);
```

Èyí ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìsanwó ń lọ bó ṣe ń kọ́ ọ. Wọ́n fi ìkìlọ̀ méjì kún un. Kò lè ṣiṣẹ́ nínú `BEGIN` àti `COMMIT`, bẹ́ẹ̀ irinṣẹ́ tí a fi ń yí àwọn tábìlì padà máa ń fi méjèèjì yí gbogbo nǹkan ká fúnra rẹ̀, nítorí náà a ní láti pa ìyẹn fún fáìlì yìí nìkan. Tó bá sì já láàárín ọ̀nà, íńdẹ́ẹ̀sì aláìpé tí PostgreSQL ń pè ní `INVALID` á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, èèyàn á sì pa á rẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ “ó kan tábìlì ńlá” sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú PR bẹ́ẹ̀. Iye ìlà nìkan kò tó sọ fún olùyẹ̀wò bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó.

1:50. Abẹ́òkúta ti tún un ṣe, àǹtí ti fọwọ́ sí i, #321 wọ `main`.

2:30. Houston jí, 8:30 àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bí a ṣe pa ẹ̀ka #321 rẹ́ lẹ́yìn ìdàpọ̀, GitHub ti fúnra rẹ̀ yí #322 kọjú sí `main`. Ṣùgbọ́n a máa ń lọ gbogbo kọ́míìtì inú PR pọ̀ di ẹyọ kan nígbà tí a bá ń dà á pọ̀, nítorí náà àwọn kọ́míìtì àtijọ́ #321 ṣì hàn nínú #322 bíi pé tuntun ni wọ́n. Bùrọ̀dá fi `git rebase --onto` gé wọn kúrò, #322 sì dín kù sí kìkì iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn.

4:00 ìrọ̀lẹ́. Yábàá pín #316. Lára ìlà 900 yẹn, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ fáìlì tó kàn kó láti àpò kan sí òmíràn, àtúnṣe gidi kò ju ìlà 150 lọ. Bí méjèèjì ṣe dà pọ̀ mọ́ra, kò sí ojú tó lè rí àtúnṣe náà. Fáìlì kíkó di PR kan, àtúnṣe di òmíràn.

5:15. Mo tún àṣẹ àárọ̀ tẹ̀. #318 ti padà sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò. Mo kọ̀wé sí Abẹ́òkúta pé gbólóhùn kan péré ló yí padà, ó sì fọwọ́ sí i kí ó tó pa kọ̀ǹpútà. Lára èyí tó kù ni #322 àti PR fáìlì kíkó ti Yábàá. #322 dúró de àǹtí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí bùrọ̀dá kò lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ara wọn. Ti Yábàá ni mo fi orúkọ bùrọ̀dá sí, torí kò tíì ju 11:15 àárọ̀ lọ ní Houston.