Ọjọ́ Orí Oyún Nínú Ìwé Sikáànù: Bí Ìṣirò Rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Ìdí Tí Ìwé Àkọ́kọ́ Fi Jẹ́ Olórí

Aláboyún tó ń gbé ní Ṣàṣà lè ṣe sikáànù mẹ́ta kó tó bímọ: ọ̀kan ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá, èkejì ní ilé ìwòsàn aládàáni tó ti forúkọ sílẹ̀, ẹ̀kẹta nígbà tí wọ́n bá darí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndó. Bó bá tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó lè bá ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa ń gbà gbọ́ jù lọ, nítorí pé òun ló tuntun jù. Àlàyé ọ̀rọ̀ yìí wà káàkiri nínú ìwé àwọn dókítà, wọn kò sì fi gbogbo ẹnu sọ ohun kan náà. Ohun tí ìtàn ìṣirò yìí fi hàn kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò: sikáànù tí a tètè ṣe ló ń sọ ọjọ́ orí oyún, àwọn tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè fi ewu ńlá pamọ́ sábẹ́ ìwé tó dà bíi pé kò sí àléébù nínú rẹ̀.

Kí ẹ̀rọ tó dé, nǹkan oṣù ni wọ́n fi ń ka oyún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Franz Naegele, dókítà ará Jámánì ní ìlú Heidelberg, tan ìlànà kan kálẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní: mú ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, fi ọjọ́ méje kún un, kí o sì yọ oṣù mẹ́ta kúrò. Ohun tó ń fúnni ni 280 ọjọ́, ìyẹn ogójì ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ yìí ni àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ń béèrè fún nígbà tí wọ́n bá béèrè LMP. Ìlànà náà gbà pé gbogbo obìnrin ló ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ ní ọjọ́ 28 sí 28, àti pé ẹyin ń já ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí dúró, èyí tí oṣù rẹ̀ máa ń fò, àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ lára rẹ̀ nígbà tí oyún ti dúró tó sì rò pé nǹkan oṣù ni, ìlànà yìí kò bá wọn mu.

Ìlú Glasgow ní Scotland ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ian Donald, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìgbẹ̀bí níbẹ̀, ti bá ẹ̀rọ rédà pàdé nígbà ogun àgbáyé kejì. Ní 1955 ó kó kókó inú ilé ọmọ àti àpò omi tí wọ́n gé jáde lára àwọn aláìsàn lọ sí ilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew, níbi tí wọ́n ti ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wá ibi tó sán lára irin. Ó rí i pé bí ìró náà ṣe ń padà láti ara kókó líle yàtọ̀ sí bó ṣe ń padà láti ara àpò omi. Òun, John MacVicar àti ẹnjinníà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Tom Brown wá gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní oṣù kẹfà 1958, pẹ̀lú àwòrán ọmọ inú oyún nínú rẹ̀. Ìlú yẹn kan náà ni Stuart Campbell ti fi wíwọn ìbú orí ọmọ, tí ìwé ń kọ ní BPD, múlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ náà ni Hugh Robinson ti fi hàn ní 1973 pé bí a bá wọn ọmọ láti àtàrí dé ìdí nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn CRL, a óò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Láti ìgbà náà títí dòní, kò tíì sí ìwọ̀n ara ọmọ kan tó borí CRL nínú iṣẹ́ yìí.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju ara wọn lọ, ẹni tó bá wò ó lè sọ ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín. Bó bá ti di ìgbà tó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ àti òjò ló ń pinnu gíga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú oyún. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dàgbà ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdílé, oúnjẹ, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ibi ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí máa ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìgbẹ̀bí Amẹ́ríkà fi sọ pé bí sikáànù inú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sí ìkẹtàlá bá fi ju ọjọ́ 7 lọ yàtọ̀ sí nǹkan oṣù, kí a gba ti sikáànù. Láti ọ̀sẹ̀ 16 títí dé ìparí 21, ó di ọjọ́ 10. Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ó di ọjọ́ 21. Àwọn òǹkà yìí ń pọ̀ sí i nítorí pé agbára sikáànù láti mọ ọjọ́ orí ń dín kù.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Láàárín 1982 sí 1985, Frank Hadlock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas ṣe àtẹ tó so ìbú orí (BPD), àyíká orí (HC), àyíká ikùn (AC) àti gígùn egungun itan (FL) mọ́ ọjọ́ orí oyún àti ìwúwo ọmọ (EFW). Àtẹ yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ tí a ń lò. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, ẹ̀rọ á ṣe àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á pín in, á sì tẹ ọjọ́ orí oyún tuntun, tí ìwé ń kọ ní GA, àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tuntun, tí ìwé ń kọ ní EDD, jáde bíi pé ọjọ́ náà gan-an ni oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní obìnrin kan sọ pé nǹkan oṣù òun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2024. Ìlànà Naegele fún un ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2025. Ó ṣe sikáànù ní ọjọ́ 10 oṣù kejì: CRL jẹ́ mìlímítà 45, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 11 àti ọjọ́ 2, nígbà tí nǹkan oṣù ń sọ ọ̀sẹ̀ 12 àti ọjọ́ 4. Ọjọ́ 9 ni ìyàtọ̀ wọn, ó sì ju 7 lọ, nítorí náà ọjọ́ ìkúnlẹ̀ di ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ó ṣe òmíràn níbòmíràn, kò sì mú ìwé àkọ́kọ́ dání. BPD 84, HC 305, AC 283, FL 65. Ìwúwo ọmọ nǹkan bíi gíráàmù 2,090. Ẹ̀rọ kọ GA ọ̀sẹ̀ 33 àti ọjọ́ 3, EDD ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Lójú ìwé yìí, ara ọmọ le: ọmọ ọ̀sẹ̀ 33 tó wọn 2,090 kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á láti ara ìwé àkọ́kọ́, oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 35 àti ọjọ́ 2. Nínú àtẹ ìwúwo tí Hadlock ṣe, ọmọ ọ̀sẹ̀ 35 tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọn nǹkan bíi 2,600, mẹ́wàá tó kéré jù nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í tó 2,150. Ọmọ yìí ti bọ́ sábẹ́ ìlà. Ẹ tún wo ikùn rẹ̀: orí ń sọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, ikùn ń sọ 32. Inú ikùn ni ẹ̀dọ̀ wà, ibẹ̀ ni ọmọ ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn bí ibi ọmọ kò bá gbé oúnjẹ wọlé dáadáa. Ìṣirò ìwúwo lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín, nítorí náà ìwé kan ṣoṣo kò tó láti dájọ́. Ohun tó yẹ ni kí dókítà rí i, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìwọ́, kí wọ́n sì tún ọmọ wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó gba EDD tuntun kò ní ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní obìnrin ló mọ ara rẹ̀ jù, ẹ̀rọ kò lè kọ́ ọ ní ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀. Òótọ́ ni, ìlànà náà kò sì tako ó: bí ọjọ́ tó sọ kò bá jìnnà sí ti sikáànù àkọ́kọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ tirẹ̀ ni a ń lò. Àtakò tó wúwo jù ni pé ara àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Texas ni Hadlock ti gba àtẹ rẹ̀, pé ọmọ Yorùbá lè yàtọ̀. Ìwádìí INTERGROWTH-21st tó jáde ní 2014 wọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Kẹ́ńyà wà lára wọn, ó sì rí i pé níbi tí ìyá bá ti jẹun dáadáa tí ara rẹ̀ sì le, ìdàgbàsókè ọmọ jọra. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2017, tó dé Kóńgò àti Íjíbítì, rí ìyàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Kò sí Nàìjíríà nínú ọ̀kankan. Àríyànjiyàn yìí tọ́ sí ìrònú, àmọ́ ìwúwo ọmọ ní ìparí oyún ló kàn. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan CRL, nítorí náà ó tilẹ̀ fún wa ní ìdí sí i láti di ìwé àkọ́kọ́ mú.

Omi tó yí ọmọ ká ní ìtàn tirẹ̀, ó sì kúrú. Ní 1987, Jeffrey Phelan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ikùn ìyá sí mẹ́rin, wọ́n wọn ibi tí omi ti jìn jù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rò ó pọ̀: èyí ni AFI. Láti sẹ̀ǹtímítà 5 sí nǹkan bíi 25 ni wọ́n kà sí ohun tó dára. Ọ̀nà kejì wọn ibi kan ṣoṣo tó jìn jù, ó sì fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 8. Bí ibi mẹ́rin bá jẹ́ 0.8, 0.9, 2.4 àti 0.6, AFI jẹ́ 4.7, ìwé á sì sọ pé omi kéré. Ọ̀nà kejì á ní 2.4 dára. Àtúnyẹ̀wò ìwádìí Cochrane ní 2008 rí i pé AFI ń mú kí wọ́n pe omi ní kékeré, kí wọ́n sì fi oògùn fa ìrọbí ju bó ṣe yẹ lọ, láìjẹ́ pé ọmọ jàǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, kí òbí wo ìwọ̀n ibi tó jìn jù kó tó bẹ̀rù. Ní ìdajì kejì oyún, ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú omi náà. Bó bá kéré gan-an, kí wọ́n wádìí bóyá omi ti ń jò, bóyá kíndìnrín ọmọ ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ibi ọmọ ti rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà ìyá wò.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn sikáànù kan fún gbogbo aláboyún kó tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ̀rọ kékeré tó ṣeé so mọ́ fóònù náà ti dé. Àmọ́ ohun tí òbí tó wà ní Ṣàṣà lè ṣe kò gba ẹ̀rọ tuntun. Bí owó bá tó fún sikáànù kan péré, ẹ ṣe é kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó bá ti inú rẹ̀ jáde sí iwájú káàdì ìtọ́jú oyún, kí ẹ sì gbé ìwé náà dání lọ síbi gbogbo sikáànù tó bá tẹ̀ lé e. Bí ìwé tuntun bá ní EDD mìíràn, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà ni pé: nígbà tí oyún yìí ti pé iye ọ̀sẹ̀ báyìí láti ara ìwé àkọ́kọ́, ṣé ọmọ náà tóbi tó?