Ohun tí ó fa Ogun Ìjàyè

Àwọn kan a máa wí pé ogún Abu, obìnrin ọlọ́rọ̀ ará Ìjànà, ni ó dá Ogun Ìjàyè ti ọdún 1860 sílẹ̀. Abu kú láìní àrólé. Aláàfin Adélù sì ránṣẹ́ lọ kó ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Kúrunmí dènà de àwọn ìránṣẹ́ náà. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ó tó. Aláàfin ni ó ni ogún aláìlárólé láti ìgbà àwọn baba wa. Èéṣe tí Kúrunmí fi dù ú? Kò ka Adélù sí Aláàfin ni. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá a kú. Ìbàdàn gba Adélù, Kúrunmí kọ̀ ọ́.

Ṣé nítorí àṣà nìkan ni? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ìjàyè àti Ìbàdàn ti ń du ipò láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́. Wọ́n tilẹ̀ ti jà ní Ogun Bátẹ́dó. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ogún Abu, ó lè jẹ́ pé àìgbọ́ràn Kúrunmí ì bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, láìsí ẹni tí yóò gbé ọ̀kọ̀ nítorí rẹ̀.