Hábíásì Kọ́pọ́ọ̀sì: Bí a ṣe ń gba ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìbófinmu sílẹ̀

Hábíásì kọ́pọ́ọ̀sì ni àṣẹ tí adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga ń pa fún ẹni tó bá ti ènìyàn mọ́lé, pé kí ó mú ẹni náà wá síwájú òun, kí ó sì sọ òfin tó fún un ní agbára láti tì í. Èdè Látìnì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí a mú ara ẹni náà wá. Adájọ́ kì í wádìí níbẹ̀ bóyá ẹni tí wọ́n tì mọ́lé jalè tàbí kò jalè. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: òfin wo ni ẹ gùn lé? Bí ẹni tó tì í mọ́lé kò bá rí èsì gidi fọ̀, adájọ́ yóò ní kí wọ́n tú ẹni náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àlàyé yìí wà fún àwọn ará ìlú, pàápàá àwọn tí ìbátan wọn wà ní àtìmọ́lé tí wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò gbà.

Ẹjọ́ Elékòó Èṣùgbàyí

Ẹjọ́ tó fi ẹsẹ̀ àṣẹ yìí múlẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà kan ìpínlẹ̀ wa gan-an. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, ìjọba amúnisìn yọ Èṣùgbàyí, Elékòó ti Èkó, kúrò lórí oyè, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ó fi Èkó sílẹ̀. Nígbà tí kò lọ, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tó ti wà ní ìgbèkùn fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Òfin tí ìjọba gùn lé sọ pé a lè lé olóyè ìbílẹ̀ tí a bá ti rọ̀ lóyè kúrò ní àdúgbò rẹ̀, bí òfin àti àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò Elékòó bẹ ilé-ẹjọ́ fún hábíásì kọ́pọ́ọ̀sì. Adájọ́ kọ̀. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ bóyá ẹni tí adájọ́ kan ti kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tún lè gbé e lọ síwájú ẹlòmíràn. Ní ọdún 1928, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, dáhùn pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ojúṣe adájọ́ kọ̀ọ̀kan ni láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó bá dé iwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù wáyé ní ọdún 1931. Ìjọba sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Gómìnà ti fọwọ́ sí àṣẹ náà, ilé-ẹjọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́ọ̀dù Átíkìnì, tó ka ìdájọ́ náà, kò gbà. Ó ní agbára tí òfin bá fún Gómìnà nìkan ni Gómìnà ní. Nítorí náà ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ohun mẹ́ta: ṣé olóyè ìbílẹ̀ ni Èṣùgbàyí lábẹ́ òfin náà? Ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́? Ṣé àṣà ìbílẹ̀ béèrè pé kí ẹni tí a rọ̀ lóyè kúrò nílùú? Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dúró, àṣẹ náà kò ní ẹsẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Nàìjíríà fún ìwádìí, ṣùgbọ́n kí ìwádìí náà tó parí, ọ̀rọ̀ yanjú, Èṣùgbàyí sì padà sí Èkó ní ọdún 1931 kan náà. Ó wàjà ní ọdún 1932.

Ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ yìí ni pé ẹni tó ti ènìyàn mọ́lé ni ẹrù ìdáhùn wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni yóò fi hàn pé òun yẹ ní òmìnira.

Ohun tí òfin sọ lónìí

Abala 35 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló dáàbò bo òmìnira ara ẹni. Ó sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba àlàyé ìdí tí wọ́n fi mú un, ní kíkọ sílẹ̀, láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàárín àkókò tó mọ níwọ̀n. Níbi tí ilé-ẹjọ́ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni àkókò náà. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí ilé-ẹjọ́ bá rí pé ó tọ́. Láti Òjóò, àwọn ilé-ẹjọ́ májísíréètì ní Ìyágankú àti Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ring Road kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Fún ará Òjóò, nítorí náà, ọjọ́ kan ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gba ìtúsílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni hábíásì kọ́pọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀bẹ̀ fún ìdáàbòbò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ abala 46, èyí tí ìlànà ọdún 2009 ń darí. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn agbẹjọ́rò sábà máa ń gbà báyìí, nítorí pé ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Hábíásì kọ́pọ́ọ̀sì ń tú ènìyàn sílẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń tú ènìyàn sílẹ̀, ó sì tún lè gba owó ìtanràn àti àforíjì ní gbangba, nítorí pé abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìbófinmu ní ẹ̀tọ́ sí méjèèjì.

Àpẹẹrẹ kan láti Òjóò

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọkùnrin kan gba owó ọjà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó sì sá lọ. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ọlọ́pàá dé ilé, wọn kò bá a. Wọ́n mú àbúrò rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òjóò, wọ́n ní òun yóò wà ní àgọ́ títí ẹ̀gbọ́n yóò fi yọjú. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gba èyí láyè: a kì í mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbèsè lásán ni ọ̀rọ̀ owó náà, tí kò sí jìbìtì níbẹ̀, ọlọ́pàá kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ohun tí ìyá ọmọ náà yóò kọ́kọ́ ṣe ni láti kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, àgọ́ tí wọ́n gbé e lọ, orúkọ ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí, àti ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tó lọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kan ti pé. Bí wọn kò bá fún un ní béèlì, tí wọn kò sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ọ̀nà Ilé-ẹjọ́ Gíga ti ṣí.

Agbẹjọ́rò yóò kọ ìwé mẹ́rin pọ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni àkọ́kọ́. Èkejì ni àlàyé tó sọ ẹni tí olùbẹ̀bẹ̀ jẹ́, ohun tó ń béèrè àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìbúra tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àlàyé òfin ní kíkọ. Ọmọ náà wà ní àhámọ́, kò lè wá búra, nítorí náà ìlànà gbà kí ìyá rẹ̀ búra dípò rẹ̀, bí ohun tó sọ bá jẹ́ èyí tó fojú ara rẹ̀ rí tàbí èyí tí ọmọ náà sọ fún un. Inú ìwé ìbúra náà ni yóò ti sọ ìdí tí ọmọ náà kò fi lè búra fúnra rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Àwọn tí a pè lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 5 láti fèsì lẹ́yìn tí ìwé bá dé ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ìdádúró bá lè mú ìyà ńlá wá, pàápàá bí ẹ̀mí tàbí òmìnira ẹni náà bá wà nínú ewu, agbẹjọ́rò lè bẹ adájọ́ pé kí ó pàṣẹ fún ìgbà díẹ̀ láì tíì gbọ́ ti ẹnì kejì. Adájọ́ lè ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní béèlì, tàbí kí wọ́n mú un wá síwájú òun.

Ohun tó máa ń ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́

Àléébù àkọ́kọ́ máa ń wà nínú ìwé ìbúra. Àwọn ẹlòmíràn a kó ẹ̀bẹ̀, ìbínú àti àlàyé òfin sínú rẹ̀, wọn a sì gbàgbé wákàtí tí wọ́n mú ènìyàn. Ọjọ́ àti wákàtí ni adájọ́ ń wá, nítorí pé ibẹ̀ ni kíkọjá ọjọ́ kan ti ń hàn.

Èkejì ni pé a lè gbé ẹni náà kúrò ní àgọ́ kan lọ sí òmíràn, kí àgọ́ àkọ́kọ́ sì dáhùn pé kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ìdí nìyí tí a fi máa ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀gá àgọ́, kí àṣẹ ilé-ẹjọ́ lè tẹ̀lé ẹni náà dé ibi tí wọ́n bá gbé e lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé bí ìwé bá ti dé ọwọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lè tú ẹni náà sílẹ̀ ní kíákíá. Hábíásì kọ́pọ́ọ̀sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ owó ìtanràn kò tíì parí, nítorí pé ìtúsílẹ̀ kò pa ọjọ́ tí ó ti lò ní àhámọ́ rẹ́. Ìlànà ọdún 2009 kò sì fi gbèdéke ọdún sí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí májísíréètì bá ti pàṣẹ pé kí wọ́n fi afurasí sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, àṣẹ ilé-ẹjọ́ ló tì í mọ́lé, kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́. Béèlì ni ohun tó yẹ kí agbẹjọ́rò bẹ̀bẹ̀ fún níbẹ̀, àyàfi bí àkókò tí àṣẹ náà fi lélẹ̀ bá ti kọjá tàbí bí májísíréètì kò bá ní agbára láti pa á. Bákan náà ni Òfin Orílẹ̀-èdè yọ àwọn tí wọ́n fura sí dáadáa pé wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, irú bí ìpànìyàn, kúrò nínú gbèdéke ọjọ́ kan yẹn. Ẹni tí adájọ́ tú sílẹ̀ kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́: ọlọ́pàá lè tún mú un bí wọ́n bá tẹ̀lé òfin lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá nìkan. A lè lò ó fún ilé ìwòsàn tó há aláìsàn mọ́ nítorí owó tí kò rí san, tàbí ilé àdúrà tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn. Ìbéèrè kan náà ni adájọ́ yóò bi wọ́n.

Ẹni tí kò bá ní owó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, kí ó sì mú àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí náà dání. Àlàyé yìí kò dípò ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò.