Iṣẹ́ àfikún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó yára lóye nínú ètò ẹ̀kọ́

Iṣẹ́ àfikún ni iṣẹ́ tí olùkọ́ kọ sínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáájú kí ó tó wọ kíláàsì, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ kókó ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń bá a jìjàkadì. Kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kókó kan náà ni gbogbo kíláàsì ń kọ́. Iṣẹ́ àfikún kàn ń mú ẹni tó yára wọ inú kókó náà jinlẹ̀ sí i.

## Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọdún 1968, Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ṣìkágò, dábàá pé kí olùkọ́ fi ìdánwò kékeré dá kíláàsì dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n yóò gba àtúnkọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n yóò gba iṣẹ́ tó jinlẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò sì jọ bọ́ sí ẹ̀kọ́ tó kàn.

Nàìjíríà tún gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1986 fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, èyí tí a mọ̀ sí Akadẹ́mì Sùlẹ́jà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà. Inú kíláàsì lásán, láàárín àwọn yòókù, ni púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ tó yára wà.

## Ní agbègbè Ìyànà Ìpájà

Ìyànà Ìpájà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí Alímòṣọ́. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ètò ẹ̀kọ́ sọ pé kí ọmọ má ju 35 lọ fún olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kíláàsì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun ìyanu ní irú agbègbè yìí.

Ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá fi ìṣòro náà hàn kedere. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Nítorí náà, ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé àti ọmọ tí Ìgbò, Ègùn tàbí Haúsá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ jọ ń jókòó lórí àga kan náà. Ó rọrùn kí olùkọ́ ka ẹni tó gbọ́ èdè sí ẹni tó lóye, kí ó sì fi iṣẹ́ àfikún mọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

## Àpẹẹrẹ: òǹkà 41 sí 50

Ká mú ẹ̀kọ́ òǹkà ní kíláàsì kẹrin, tí àkókò rẹ̀ jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ gbogbogbòò ni pé kí ọmọ kọ òǹkà 41 sí 50 ní Yorùbá, kí ó sì kà á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn kan á ti parí. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ní kí àwọn yẹn tẹ̀ síwájú dé 100. Ìyẹn kò jinlẹ̀. Ó kàn gùn ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kíláàsì bá dé 51, àwọn ọmọ náà kò ní ní nǹkan ṣe mọ́.

Iṣẹ́ àfikún tó yẹ ń dúró lórí òǹkà kan náà. Igun pátákó ni olùkọ́ ti kọ ọ́ sí kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè kà fúnra rẹ̀: «Mẹ́rìnlélógójì ń fi mẹ́rin kún ogójì. Márùndínláàádọ́ta ń yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Níbo ni ìṣirò ti yí padà? Ǹjẹ́ ibì kan náà ló ti ń yí láàárín 31 àti 40?» Ọmọ tó bá dáhùn yóò rí ìbéèrè kejì: àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, kí ó wá òǹkà mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò rí àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún, yóò sì ṣàkíyèsí pé ọgbọ̀n kò tẹ̀lé e. Nígbẹ̀yìn, kí ó kọ 46 àti 67 bí ìṣirò:

```
46 = (20 × 3) − 10 − 4
67 = (20 × 4) − 10 − 3
```

Ọmọ tí Yorùbá kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tó mọ ìṣirò, lè ṣe ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa ju ẹni tó ti ń ka òǹkà láti kékeré lọ.

Bí igun pátákó bá ti ń dá àwọn kan lóhùn, ọwọ́ olùkọ́ ṣófo fún àwọn tó kù. Yóò jókòó tì wọ́n pẹ̀lú àádọ́ta ìdérí ìgò: wọn á ka gbogbo rẹ̀, wọn á yọ mẹ́rin, wọn á sì sọ iye tó kù. Èyí gan-an ni iṣẹ́ àfikún wà fún. Tí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ní láti dúró ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó yára, ó ti gba àkókò àwọn tó nílò rẹ̀ jù.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ọmọ méjì yóò fa ilà òǹkà sójú pátákó, wọn á sì fi ibi tí ìṣirò ti yí hàn, láàárín 44 àti 45. Lẹ́yìn èyí, gbogbo kíláàsì yóò fi ilà náà wá 48. Ẹni tó ń há orúkọ mẹ́wàá sórí ti rí i báyìí pé òfin méjì péré ni, ó sì lè fi wọ́n ṣe 61 sí 70 nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.

## Ẹni tó yẹ kí ó wọlé

Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ parí. Bí ó bá jẹ́ pé ìyára ni ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ á máa sáré, wọn á sì máa da ti ẹnìkejì kọ; àṣìṣe tó pọ̀ nínú iṣẹ́ gbogbogbòò àwọn tó wà ní igun pátákó ni yóò fi hàn. Ìbéèrè kan tó: kí ọmọ kọ 47 láì wo pátákó, kí ó sì sọ bí ó ṣe rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn lè wọlé, ojoojúmọ́ sì ni ìlẹ̀kùn ń ṣí lákọ̀tun. Bí olùkọ́ bá kọ orúkọ àwọn tó wọlé sílẹ̀, tí ó sì rí i pé àwọn kan náà ni wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó yẹ ìbéèrè ẹnu ọ̀nà náà wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èdè ilé ni ó ń dánwò.

Fífi ọmọ tó yára ṣe alámòójútó, tàbí gbígbé ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un kí ó máàkì, kì í ṣe iṣẹ́ àfikún. Ó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kọ́ ohun titun kankan.

## Ààlà rẹ̀

Láti ọdún 2019 ni àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Èkó ti ń gba ètò ẹ̀kọ́ tí a ti kọ tán lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ti ń darí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àkókò tí àwọn ọmọ ń dá ṣiṣẹ́ nínú ìwé wọn ni iṣẹ́ àfikún lè wọ̀. Ní kíláàsì tí àga ti há pọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn lè má rí igun pátákó. Káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a fi ọwọ́ kọ, tó ń lọ láti àga dé àga, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ju ìdajì kíláàsì lọ ni kò lè kọ 47, àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfikún, ṣùgbọ́n ìjíròrò ìparí yóò di ọjọ́ kejì, a ó sì padà sórí ìdérí ìgò.