Igi ìpinnu: iye tó wà nínú àǹfààní láti fẹ òwò lójú tàbí láti pa á tì

Igi ìpinnu ni àwòrán tí a fi ń ṣírò iye owó tí àǹfààní láti fẹ òwò lójú, tàbí láti pa á tì, tó. Onímọ̀ ìṣúná owó, Stewart Myers, ló fún irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lórúkọ lọ́dún 1977.

Ká ní ilé ìṣe gààrí kan máa gba mílíọ̀nù 10 náírà. Lẹ́yìn ọdún kan, bí ọjà bá yá, iye rẹ̀ yóò tó mílíọ̀nù 15. Bí kò bá yá, mílíọ̀nù 5. Ọgbọọgba ni ìṣeéṣe méjèèjì, nítorí náà ìpíndọ́gba jẹ́ mílíọ̀nù 10. Owó náà ìbá mú èrè ìdá 25 nínú 100 wá níbòmíràn, nítorí náà a fi 1.25 pín in, ó di mílíọ̀nù 8. Àdánù mílíọ̀nù 2 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n láti orí ẹ̀ka ni a ti ń ka igi yìí wá sí ìdí. Bí ọjà bá kú, ẹni tó bá ta ẹ̀rọ ìlọgbágùúdá àti ilé yóò rí mílíọ̀nù 7, ó sàn ju 5 lọ. Bí ọjà bá yá, olówò yóò fi mílíọ̀nù 5 kún un, kí iye rẹ̀ lè fi mílíọ̀nù 10 lé sí i: 20 ló kù lẹ́yìn ìnáwó. Ìpíndọ́gba 20 àti 7 jẹ́ 13.5, a fi 1.25 pín in, ó di 10.8. Àdánù ti di èrè ₦800,000, nítorí pé àǹfààní méjèèjì tó mílíọ̀nù 2.8.

Iye ìtajà ẹ̀rọ àlòkù ló sábà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọjọ́ tí gààrí kò tà, àwọn tí ìbá ra ẹ̀rọ náà kò ní owó lọ́wọ́.