Ta Ni Yóò San Gbèsè Ẹgbẹ́? Ojúṣe Ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù láti Rochdale dé Walworth

Ní Walworth, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà méjì ló wà tí àwọn Yorùbá lè gbà pa owó pọ̀. Èkíní ni èsúsú, tí a gbé kalẹ̀ lórí ìfọkàntán láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Èkejì ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Orúkọ tí Yorùbá fún èkejì yìí tẹnu mọ́ èrè: a jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí òfin ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe dàgbà, ìbéèrè tó ṣáájú kì í ṣe ti ohun tó ṣẹ́ kù. Ìbéèrè gbèsè ni: bí ẹgbẹ́ bá jẹ gbèsè tí kò lè san, àpò ta ni a ó ti mú un?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Rochdale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé ìtajà kékeré kan ní Toad Lane. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jẹ́ 28, owó tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 28. Kò tíì sí òfin tí a ṣe fún irú ẹgbẹ́ ìtajà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Òfin ọdún 1852 ló kọ́kọ́ fún wọn ní ipò tiwọn, ṣùgbọ́n kò tíì dáàbò bo àpò ọmọ ẹgbẹ́. Ọdún 1862 ni òfin mìíràn tó fi ààlà sí ojúṣe ọmọ ẹgbẹ́ lórí gbèsè, tó sì gba ẹgbẹ́ kan láyè láti ra ìpín nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní 1868, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọ ohun ìjà ọba ní Woolwich dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Royal Arsenal Co-operative Society. Ẹgbẹ́ yìí tàn ká gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní ilé ìtajà ńlá ní Rye Lane, Peckham, tí kò jìnnà sí Walworth, kí ó tó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó tóbi jù ú lọ ní 1985.

Ohun tí òfin 1862 yí padà hàn kedere bí a bá fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ẹgbẹ́ kan jẹ àwọn olówó ọjà ní pọ́n-ùn 300, tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò sì ju 240 lọ. Pọ́n-ùn 60 ló kù tí kò sí ibi tí a ó ti rí i. Níbi tí ojúṣe kò bá ní ààlà, olówó lè lé ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ní ilé tàbí owó, kí ó gba gbogbo 60 náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá kù sí ọwọ́ ẹni yẹn láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí. Níbi tí ojúṣe bá ní ààlà, ọmọ ẹgbẹ́ tó ti san owó ìpín rẹ̀ tán yóò pàdánù ìpín náà, kò sì ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gba ìpín pọ́n-ùn 5 tí ó sì ti san 3 yóò mú 2 tó kù wá. Olówó ọjà ni yóò ru ìyókù àdánù náà.

Bí a ṣe ń pín èrè tan mọ́ ìlànà yìí. Nínú ìlànà Rochdale, owó ìpín máa ń gba èlé tí ó ní òǹkà, ìyókù èrè a sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọjà tí oníkálukú rà. Ká ní owó ìpín gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ pọ́n-ùn 200, wọ́n ta ọjà pọ́n-ùn 1,000 lọ́dún, èrè sì jẹ́ 90. Wọ́n san èlé 5 lórí ọgọ́rùn-ún fún owó ìpín, ìyẹn 10. Wọ́n fi 30 pamọ́. Ó ku 50, ìyẹn ṣílè kan lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí a fi ra ọjà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ìpín pọ́n-ùn 1, tó sì ra ọjà 40, yóò gba pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 1. Ẹni tó ní ìpín pọ́n-ùn 20, tó sì ra ọjà 20, yóò gba pọ́n-ùn 2 péré. Owó ńlá kò fún ẹnikẹ́ni ní ìpín èrè ńlá, kò sì fún un ní ìbò púpọ̀: ìbò kan ṣoṣo ni oníkálukú ní, ìbò yẹn ni wọ́n sì fi ń yan ìgbìmọ̀.

Pọ́n-ùn 30 tí a fi pamọ́ yẹn ni ibi tí ẹgbẹ́ ti sábà máa ń ṣìnà. Inú ọmọ ẹgbẹ́ a máa dùn sí ìpín tó pọ̀, ìgbìmọ̀ tó sì fẹ́ kí a tún yan òun lè pín ohun tí kò yẹ ní pípín. Bí ìwé owó bá ka gbèsè tí oníbàárà kò ní san mọ́ kún ohun ìní, èrè yóò hàn lórí ìwé nígbà tí kò sí nínú àpótí. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rò pé èrè ni òun ń pín. Owó ìpín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gan-an ló ń pín. Àmì rẹ̀ ni pé ìpín ń lọ sókè lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ń pẹ́ sí i kí ó tó san owó àwọn tó kó ọjà fún un.

Nígbà tí ìlànà yìí dé ilẹ̀ Yorùbá, ó gba ọ̀nà Íńdíà wá. C. F. Strickland, tó ti bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Punjab, ni ìjọba amúnisìn pè láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Nàìjíríà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1934, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935, lábẹ́ àbójútó E. F. G. Haig. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ìgbèríko Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ń kó kòkó wọn jọ tà ṣáájú ìgbà yẹn; òfin ló wá fún irú ẹgbẹ́ wọn ní ìdúró.

Òfin náà fàyè gba ojúṣe oríṣi méjì. Fún ẹgbẹ́ ìyánilówó ní abúlé, èrò tí Raiffeisen gbé kalẹ̀ ní Jámánì ni pé kí ojúṣe má ní ààlà. Àgbẹ̀ tí kò ní ohun tí yóò fi dógò lè fi orúkọ gbogbo abúlé dúró; nítorí pé gbèsè ẹnì kan lè di ti gbogbo wọn, wọn yóò máa ṣọ́ ẹni tí wọ́n ń yá lówó. Èyí ṣeé ṣe níbi tí ilé ẹnìkan kò ti ṣókùnkùn sí ẹnìkejì. Nínú ẹgbẹ́ tó ń ta kòkó káàkiri, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ojúṣe tó ní ààlà ló bá a mu.

Ní Walworth òní, èsúsú jọ ẹgbẹ́ abúlé yẹn ní ti ìfọkàntán, ṣùgbọ́n òfin kò kà á sí ẹ̀dá kan tó dá dúró. Bí àwọn ènìyàn mẹ́wàá bá pawọ́ pọ̀ ra ìrẹsì ní àwìn, tí ẹnì kan sì buwọ́ lu ìwé, ẹni náà ni olówó yóò kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ìyánilówó tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1979, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lábẹ́ òfin 2014, ń jẹ gbèsè lórúkọ ara rẹ̀. Lábẹ́ òfin 2014, ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ fún ọdún kan kí títú ẹgbẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ kò ní ojúṣe mọ́. Òfin Nàìjíríà sábà máa ń dá tirẹ̀ dúró fún ọdún méjì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá buwọ́ lùwé ni olówó ń wá, àyàfi bí ẹgbẹ́ bá ti ní ọwọ́ tirẹ̀.