Potasíọ́mù inú dírípù: wákàtí mélòó?

Wọn kì í fi síríńjì ti potasíọ́mù kílóráìdì sínú iṣan tààrà o. Ó lè dá ọkàn dúró. Inú omi dírípù ni wọ́n ń pò ó mọ́, kí wọ́n sì mì ín dáadáa kí wọ́n tó gbé e kọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí dókítà kọ “mílímóòlù 40 nínú lítà 1”, kó má kọ wákàtí. Fún àgbàlagbà, tó bá wọlé fún wákàtí 4, mílímóòlù 10 ni ní wákàtí kan, ó dáa. Tó bá sáré wọlé ní wákàtí 1, 40 nìyẹn, ìlọ́po méjì 20 tó sábà máa ń jẹ́ òpin. Kódà, 20 yẹn ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlù ọkàn. Tí ìlà orí ẹ̀rọ náà bá ṣe ṣóńṣó tàbí tó fẹ̀, kí wọ́n ti dírípù náà kíá.